Ẹ Má Fọ Gẹ̀ẹ́sì Kúrò Nínú Àdàkọ Yín

Bí àkókò àpilẹ̀kọ àṣekágbá bá ti dé, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Ẹnì kan á fi fóònù gba ohùn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tàkúrọ̀sọ, Yorùbá díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, bí a ṣe máa ń sọ̀rọ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ìgbà tí ó bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní kí ó sọ gbogbo rẹ̀ di àkọtọ́ Yorùbá, kí `submit` di "sọ́bímíìtì". Àwọn mìíràn á ní kí ó ṣáà kọ ọ́ bó ṣe bọ́ sí i létí, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Èrò tiwa ni pé ọ̀nà méjèèjì ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Èdè kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí ó ní ìlànà tirẹ̀ nínú àdàkọ, kí a sì ti yan ìlànà náà kí a tó tẹ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe tí kò hàn ti ń wọlé. Inú Microsoft Word ni ọ̀pọ̀ wa ti ń tẹ iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni a sì máa ń bá lórí rẹ̀. Bí ó bá ti rí lẹ́tà `i` tó dá dúró, ó máa ń sọ ọ́ di `I`. Ẹ wá wo gbólóhùn bíi "mo rí i". Á di "mo rí I", ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ Yorùbá á sì dà bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá ń ka iye ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ti ka ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ nìyẹn. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: ẹ sàmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá, ẹ lọ sí `Review`, `Language`, `Set Proofing Language`, kí ẹ mú Yorùbá níbẹ̀. Ẹ wá sàmì sí apá tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹ tó parí, ẹ wá gbogbo `I` inú fáìlì yín, kí ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àmì ohùn náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan ṣoṣo ni "ẹ́", àmọ́ kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́ pamọ́ lónírúurú ọ̀nà. Méjì nínú wọn nìyí:

```
U+1EB9 U+0301
U+00E9 U+0323
```

Ti àkọ́kọ́, ẹ tó ní àmì lábẹ́ ni a kọ́kọ́ kọ kí a tó fi àmì òkè lé e. Ti èkejì, é ni a kọ́kọ́ kọ kí a tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Bí ẹni méjì bá pín àdàkọ kan ṣe, tí kíbọ́ọ̀dù wọn kò sì bára mu, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè jáde lẹ́ẹ̀mejì nínú àkójọ ọ̀rọ̀, pẹ̀lú iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ohun tó fà á nìyẹn. Ìlà kan nínú Python ló máa sọ wọ́n di ọ̀kan:

```python
s = unicodedata.normalize("NFC", s)
```

Ẹ wá jẹ́ kí a bọ́ sórí èyí tó le jù, ìyẹn bí a ṣe máa mọ èdè tí ọ̀rọ̀ kan jẹ́. Ìlànà tí a fara mọ́ ni CHAT, tí wọ́n ń lò nínú CHILDES, àkójọ ọ̀rọ̀ ọmọdé tí Brian MacWhinney àti Catherine Snow dá sílẹ̀ ní 1984. CLAN ni orúkọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń kà á, ọ̀fẹ́ sì ni. A ṣe àpẹẹrẹ kékeré kan:

```
@Languages:	yor, eng
*BOL:	mo ti submit@s form@s yẹn .
*BOL:	dídisturb@s:yor+eng wọn ti pọ̀ jù .
*TOP:	[- eng] I told you to go early .
*TOP:	tíṣà yẹn ò gbọ́ àlàyé .
```

Ìlà àkọ́kọ́ sọ pé Yorùbá ni èdè ìpìlẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni èkejì. `@s` ń sọ pé ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ wá láti inú èdè kejì. `[- eng]` ń sọ pé gbólóhùn náà látòkèdélẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. `+` wà fún ọ̀rọ̀ tí èdè méjèèjì jọ bí: Yorùbá ló ni àpètúnpè ìbẹ̀rẹ̀ `dídisturb`, èyí tó sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ, Gẹ̀ẹ́sì ló ni ìyókù. Ìdí nìyẹn tí àmì ohùn fi wà lórí apá Yorùbá nìkan.

Ẹ má ṣe fi iye ọ̀rọ̀ yan èdè gbólóhùn. Bí Bọ́lá bá sọ pé `mo ti submit form online`, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ti Yorùbá jẹ́ méjì, síbẹ̀ gbólóhùn Yorùbá ni. "Mo" àti "ti" ló gbé e ró. `submit` kò tilẹ̀ gba ìparí `-ed` tí Gẹ̀ẹ́sì ìbá fún un. Ohun tí Carol Myers-Scotton ṣàlàyé ní 1993 nìyí: èdè kan ló máa ń pèsè férémù, èkejì á máa ki ọ̀rọ̀ bọ inú rẹ̀.

Kí ló wá dé tí `form` fi gba `@s`, tí "tíṣà" kò gbà á? Ìbéèrè méjì ni a máa ń bi ara wa. Èkíní, kí ni etí gbọ́? Bí Bọ́lá bá fi fáwẹ́lì parí rẹ̀, "fọ́ọ̀mù" ni kí ẹ kọ, ó ti di ọ̀rọ̀ àyálò. Bí ó bá fi kọ́ńsónáǹtì parí rẹ̀, `form@s` ni. Èkejì, ṣé ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá máa ń sọ ọ́? Ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́yìn ọgbà ń sọ "tíṣà" láìsí pé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè méjèèjì lè tako ara wọn nígbà mìíràn. Ẹ yan èyí tó máa borí, kí ẹ kọ ọ́ sínú orí kẹta àpilẹ̀kọ yín, kí ẹ má sì yí i padà láàárín ọ̀nà.

Ẹ wo ohun tí ìpinnu yìí ń ṣe. Ọ̀rọ̀ mọ́kànlélógún ló wà nínú àpẹẹrẹ wa. Bí a ṣe sàmì sí i yẹn, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 8, Yorùbá 12, àdàlù 1: Gẹ̀ẹ́sì kó 38%. Ẹni tó bá ka "tíṣà" àti `dídisturb` mọ́ Gẹ̀ẹ́sì á ní 10, ìyẹn 48%. Ẹni tó gbọ́ "fọ́ọ̀mù" dípò `form` á ní 7, ìyẹn 33%. Ohùn kan náà ni wọ́n jọ gbọ́. Àpilẹ̀kọ kan lè sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì ẹnu àwọn ọ̀dọ́, èkejì á ní ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni. Bí kò bá sí ìlànà nínú ìwé wọn, kò sí bí òǹkàwé ṣe máa mọ̀ pé àdàkọ ló fa ìyàtọ̀ náà.

Àwọn tó ní kí a sọ gbogbo rẹ̀ di àkọtọ́ Yorùbá ń rò pé àwọn ń gbèjà èdè. Àmọ́ bí a bá kọ "sọ́bímíìtì" nígbà tí Bọ́lá kò fi fáwẹ́lì parí ọ̀rọ̀ náà, a ti purọ́ mọ́ ọn, ẹni tó bá sì fẹ́ lo iṣẹ́ wa fún ẹ̀kọ́ fonọ́lọ́jì á kọ́ irọ́. Lóòótọ́, `@s` kíkọ ń gba àkókò. Ẹni tí àkókò kò bá sí fún, kí ó dín ìṣẹ́jú ohùn tó fẹ́ dà kọ kù, kí ó má dín àmì kù.