Oògùn tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí oògùn tí a gbé mì?

Bí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ àgbàlagbà kan bá ṣàdédé wú lóru ní abúlé oko Àjà-Wẹ̀rẹ̀, tí ó pọ́n, tí ó gbóná, tí kò tilẹ̀ lè jẹ́ kí aṣọ ìbora kàn án, ọ̀pọ̀ ni yóò wí pé ó tẹ oògùn mọ́lẹ̀. Díẹ̀ ni yóò béèrè oògùn tí ó ń gbé mì ní òwúrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi bàbá àgbẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ti ń lo idirokulorotiasíìdì, oògùn tí ń múni tọ̀, fún ọdún 8. Oògùn náà dára: ó ń lé iyọ̀ àti omi jáde, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi ara ti ń dín kù, kíndìnrín a máa fa asíìdì ùríìkì padà sínú ẹ̀jẹ̀ dípò kí ó tọ̀ ọ́ dànù. Ìdọ̀tí yìí a máa gbá jọ ní oríkèé bí hóró iyọ̀ tó mú ṣáṣá. Bàbá lọ sí ìnáwó, ó jẹ ẹran púpọ̀, ó mu sódabì. Ní òru ọjọ́ kejì, gúútù dé.

Ti ṣúgà tún fara sin ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn yìí ń tọ pọ́tásíọ̀mù dànù pẹ̀lú, bí èyí bá sì dín kù, ínsúlínì kì í jáde dáadáa mọ́. Nínú ìwádìí ńlá kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2002, nínú 100 aláìní-àtọ̀gbẹ tó lo klọtalidónì, ìbátan oògùn bàbá, bí 12 ni ṣúgà wọn dé ìwọ̀n àtọ̀gbẹ lẹ́yìn ọdún 4. Bí 8 ni láàrin àwọn tó lo lisinopríìlì. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ wà níbòmíràn: òùngbẹ àti ìtọ̀ lemọ́lemọ́ ni àmì àtọ̀gbẹ. Ta ni yóò fura sí wọn lára ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀?

Ohun tí a kò fara mọ́ ni pé kí a máa tún ìwé oògùn kan náà kọ lọ́dọọdún láìgba ẹ̀jẹ̀ wò. Kí a yẹ ṣúgà wò kí aláìsàn tó jẹun ní òwúrọ̀; bí ó bá tó gíráàmù 1.26 nínú lítà kan, kí a tún un wò lọ́jọ́ mìíràn. Kí a yẹ asíìdì ùríìkì, pọ́tásíọ̀mù àti iṣẹ́ kíndìnrín wò pẹ̀lú.

Kí bàbá má ṣe dá oògùn náà dúró fúnra rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ yóò tún ru. Kí ó má sì ra dikulofẹnákì lórí àtẹ ọjà: oògùn ìrora yìí ń gbé ẹ̀jẹ̀ ru, àti pé bí ó bá pàdé oògùn ìtọ̀, kíndìnrín ni yóò jìyà. Dókítà lè dín ìwọ̀n kù sí mílígíráàmù 12.5, tàbí kí ó fi losatánì rọ́pò rẹ̀, èyí tí ń ran asíìdì náà lọ́wọ́ láti jáde. Ẹni tó ń lo furosemíìdì nítorí ọkàn tó rẹ̀, tiwọn yàtọ̀: wọn kì í sábà lè fi í sílẹ̀, gúútù náà ni a óò tọ́jú lé e lórí.