Ẹ San Lóònù Lásìkò, Àkọsílẹ̀ Ní Ẹ Pẹ́: Ibi Tí Àṣìṣe Náà Ti Ń Wá Àti Bí A Ṣe Ń Takò Ó

Láti ọdún 2024 tí ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀yáwó fún aráàlú lábẹ́ CREDICORP, tó sì fi àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣíwájú, ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ ẹ̀yáwó ti wọ ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò kà á sí tẹ́lẹ̀. Kí báńkì tó yá èèyàn lówó, wọn yóò fi BVN rẹ̀ wá orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn kírẹ́díìtì bíúrò. Mẹ́ta ni wọ́n ní Nàìjíríà: CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. Ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ló máa ń sọ bóyá owó yóò jáde tàbí kò ní jáde.

Ìṣòro tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni ti ẹni tó san owó rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ, tí àkọsílẹ̀ sì ń pè é ní apẹ́san. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni jókòó tó fẹ́ ba orúkọ onítọ̀hún jẹ́. Nínú ìṣirò ẹ̀rọ ni nǹkan náà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ ló sì máa ń fà á.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká sọ pé ìyá kan tó ń ta aṣọ yá owó ní báńkì kan, pé kó máa san 25,000 náírà ní ọjọ́ 28 oṣooṣù, láti Oṣù Kínní sí Oṣù Kẹfà ọdún 2025. Ó san ti oṣù méjì àkọ́kọ́, kò sí wàhálà. Ọjọ́ 28 Oṣù Kẹta bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ó fi tiransífà ránṣẹ́ láti báńkì mìíràn sínú àkáǹtì tí wọ́n fún un pé kó máa san án sí. Álẹ́ẹ̀tì dé, owó sì wọlé lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ báńkì tó yá a lówó ti parí ìṣirò lóònù ti ọjọ́ náà. Ó di ọjọ́ iṣẹ́ tó kàn. Ìgbà wo ni ọjọ́ iṣẹ́ tó kàn? Ẹ rántí pé ìjọba fi ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e sílẹ̀ fún ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́rú, ọjọ́ 2 Oṣù Kẹrin, ni ẹ̀rọ tó ka owó náà sí sísan. Lójú ẹ̀rọ, ìyá yìí ti fi ọjọ́ márùn-ún pẹ́.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Ká ní owó ìtanràn jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, ìyẹn 250 náírà, ọjọ́ márùn-ún yóò jẹ́ 1,250 náírà. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ yọ ìtanràn yìí kúrò nínú 25,000 tó wọlé. Ó wá ku 23,750 fún owó oṣù. Owó Oṣù Kẹta kò pé mọ́ nìyẹn. Nígbà tí màmá bá san 25,000 ti Oṣù Kẹrin, ẹ̀rọ á tún fi apá kan dí àlàfo ti Oṣù Kẹta, ti Oṣù Kẹrin náà á wá dín. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa lọ títí dé Oṣù Kẹfà. Màmá rò pé òun ti san lóònù tán. Lójú ẹ̀rọ, 1,250 náírà àti ìtanràn kéékèèké tó ń gorí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, oṣooṣù sì ni báńkì ń fi ìròyìn yìí ránṣẹ́ sí àwọn bíúrò.

Bí gbèsè bá fi 90 ọjọ́ kọjá ọjọ́ sísan, báńkì ń kà á mọ́ gbèsè tó ti bàjẹ́. Nígbà tí Oṣù Kẹsàn-án bá fi ń parí, ti màmá ti dé bẹ̀. Bó bá wá lọ yá owó ṣọ́ọ̀bù nínú Oṣù Kẹwàá, wọn á dá a padà, bẹ́ẹ̀ gbèsè ọ̀hún kò ju owó ráńpẹ́ lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá bá ara rẹ̀ nírú ipò yìí á sáré san owó kékeré náà, wọ́n á gba ìwé pé wọn ò jẹ gbèsè mọ́, wọ́n á sì lọ sílé. Kò tán síbẹ̀. Ìwé yẹn ń sọ pé gbèsè ti parí ni, kò sọ pé ẹ kò pẹ́. Àwọn oṣù tí wọ́n kọ "ó pẹ́" sí ṣì wà nínú àkọsílẹ̀. Bí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ san án kí ìtanràn má bàa gorí ara wọn, ẹ kọ lẹ́tà kọ́kọ́, kí ẹ sọ níbẹ̀ pé sísan tí ẹ san án kò túmọ̀ sí pé ẹ gbà pé ẹ jẹ ẹ́.

Ẹ̀rí wo ló ń jà fún èèyàn? Álẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó. Ẹ wo rìsíìtì tiransífà yín, ẹ ó rí nọ́ńbà gígùn kan tí wọ́n pè ní Session ID. Ọgbọ̀n ni nọ́ńbà náà. Mẹ́fà àkọ́kọ́ dúró fún ibi tí owó ti jáde, méjìlá tó tẹ̀lé e sì ni ọjọ́ àti àkókò. Ti màmá yìí lè ní 250328184015 nínú: ọdún 2025, Oṣù Kẹta, ọjọ́ 28, aago mẹ́fà kọjá ogójì ìṣẹ́jú ìrọ̀lẹ́. Bí rìsíìtì bá ti sọnù, báńkì tí ẹ fi sanwó lè bá yín wá a jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí báńkì tó yá yín lówó fún yín ní sítéètímẹ́ǹtì àkáǹtì lóònù náà fúnra rẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì síra. Ibi tí ọjọ́ méjèèjì ti yàtọ̀, tí ìtanràn àkọ́kọ́ sì ti jáde, ibẹ̀ ni àṣìṣe wà.

Òfin tó de àkọsílẹ̀ ẹ̀yáwó ní ọdún 2017 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ yín àti láti takò ó. Òfin ààbò dátà ti 2023 náà sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ pé kí wọ́n tún èyí tí kò tọ̀nà ṣe. Ẹ gba àkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ bíúrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí àtúnṣe lè dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan kó má dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ẹ kọ̀wé sí bíúrò àti sí báńkì pa pọ̀, nítorí bíúrò kò lè dá nǹkan yí padà. Báńkì tó fi ìròyìn ránṣẹ́ ló máa tún un ṣe. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ béèrè: kí wọ́n dá ọjọ́ sísan padà sí 28 Oṣù Kẹta, kí wọ́n pa ìtanràn àti gbogbo ohun tó bí rẹ́, kí wọ́n sì fi àkọsílẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan tó kàn ránṣẹ́ lákọ̀tun. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí báńkì kò yanjú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní báńkì àpapọ̀, cpd@cbn.gov.ng. Bó bá jẹ́ áàpù ayánilówó tí CBN kò fún níwèé àṣẹ ni, FCCPC ni kí ẹ lọ bá.

Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé àdéhùn yín kí ẹ tó jà. Bó bá wà níbẹ̀ pé owó gbọ́dọ̀ wọlé kí aago mẹ́rin tó lù, ẹjọ́ yín kò lẹ́sẹ̀ púpọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé inú àkáǹtì yín ni báńkì ti ń yọ ọ́ fúnra rẹ̀, ohun tí ẹ ní láti fi hàn ni pé owó tó pé wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó pẹ́ ní tòótọ́, kò sí ẹni tó lè bá a pa á rẹ́ lọ́nà ẹ̀tọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè bá yín fọ̀ ọ́ mọ́ tí ẹ bá fún òun lówó, gbájúẹ̀ ni.