Bí Ojú Kan Lórí Sítóòfù Kò Bá Pọ́n Mọ́

Sítóòfù oníná mànàmáná tó wọ́pọ̀ nínú ilé ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lóṣù yìí, èyí tí kóìlì dúdú mẹ́rin ká jọ sórí rẹ̀ bí ejò. Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù, sítóòfù tiyín sábà máa ń yàtọ̀ sí i, nítorí náà ẹ má fi ìlànà yìí tú u.

Bí ọ̀kan nínú àwọn kóìlì náà bá dúdú nígbà tí àwọn yòókù ń pọ́n, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe ni ká sáré lọ ra kóìlì tuntun. Ó lè jẹ́ pé kóìlì kọ́ ló bàjẹ́. Ohun mẹ́ta ni iná ń gbà kọjá: súwíìṣì tó wà lẹ́yìn bọ́tìnnì tí à ń yí, sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí ẹsẹ̀ méjèèjì kóìlì ń wọ̀ lábẹ́ àwo rẹ̀, àti kóìlì fúnra rẹ̀. Èyíkéyìí tó bá já nínú wọn, kóìlì kò ní pọ́n. Ẹ lè mọ èyí tó jẹ̀bi kí ẹ tó ná sẹ́ńtì kan.

Ẹ kọ́kọ́ yí bọ́tìnnì rẹ̀ dé HI fún ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá fi sí ìsàlẹ̀, kóìlì tí ara rẹ̀ le koko pàápàá lè má pọ́n, nítorí súwíìṣì a máa gé iná a sì tún máa dá a padà. Bí ó bá sì jẹ́ pé ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló tutù, tí gílóòbù inú ààrò ṣì ń tàn, ẹ má tú nǹkan kan. Iná 240 fóòtì ni kóìlì ń lò, wáyà méjì ló sì ń gbé e wá. Gílóòbù kò nílò ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ìdajì kan ti sọnù láti ọ̀nà nìyẹn, iṣẹ́ oníná sì ni.

Bí ó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo, ẹ lọ sí àpótí bíréékà, kí ẹ sì pa bíréékà sítóòfù. Oníbejì ni, wọ́n sábà máa ń kọ 40 tàbí 50 sí i lára. OFF orí bọ́tìnnì kò tó, torí súwíìṣì tó ti bàjẹ́ lè fi wáyà kan sílẹ̀ láìgé. Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ tan ojú mìíràn wò: bí kò bá gbóná rárá, tí gílóòbù ààrò náà kò sì tàn, ẹ ti pa bíréékà tó yẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àgbàlagbà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé ìpele yìí.

Nígbà tí kóìlì bá ti tutù, ẹ gbé etí rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹ sì fà á tààrà kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gbé e sókè jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ méjèèjì dáadáa. Ó yẹ kí wọ́n jọ̀lọ̀. Bí ọ̀kan bá dúdú tó sì ní kòtò kéékèèké lára, iná ti ń fò níbẹ̀. Irú kóìlì bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó dára, nítorí á ba òun náà jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdílé kan ní Mérílándì. Kóìlì kékeré, oníńṣì 6, tó wà níwájú lápá ọ̀tún ni kò pọ́n. Bàbá ra tuntun, ó fi síbẹ̀, òkùnkùn náà ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ní kí wọ́n pààrọ̀ àyè. Wọ́n pa bíréékà, wọ́n mú kóìlì kékeré tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn wá síwájú, wọ́n sì gbé tuntun lọ sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dá iná padà, tuntun pọ́n lẹ́yìn. Èyí tó ti ń pọ́n tẹ́lẹ̀ kò pọ́n níwájú. Àyè ló ní àrùn, kì í ṣe kóìlì. Bí ó bá jẹ́ pé kóìlì tó wá síwájú pọ́n, àyè kọ́ ni ìbá ní àrùn.

Wọ́n tún pa bíréékà, wọ́n sì tan tọ́ọ̀ṣì sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ihò apá òsì ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àkàrà tó jóná, irin inú rẹ̀ kò sì di ẹsẹ̀ kóìlì mú mọ́. Bí ìbàjẹ́ náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: irin tó dẹ̀ ń gbóná, ooru náà sì ń mú kó túbọ̀ dẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì kóìlì àtijọ́ náà ní kòtò lára, ìdí nìyí tí wọn kò fi dá a padà. Kóìlì tí bàbá rà kò ṣòfò.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun kò wọ́n, wáyà méjì péré ló sì ní. Wọ́n gé ibi tí wáyà sítóòfù ti jóná kúrò títí wọ́n fi rí bàbà tó mọ́, wọ́n wá fi fìlà tánganran so wọ́n pọ̀. Fìlà ike lásán á yọ́ níbẹ̀.

Bí ẹ bá ní mítà, ẹ lè yẹ kóìlì wò fúnra rẹ̀. Ẹ fi mítà sí Ω, ẹ fi irin rẹ̀ kan ẹsẹ̀ méjèèjì kóìlì tí ẹ ti yọ. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ẹ fi 240 sọ 240 di púpọ̀, ẹ fi iye wáàtì rẹ̀ pín in. Kóìlì oníwáàtì 1250 yẹ kó fún yín ní nǹkan bí 46. Ti Mérílándì fún wọn ní 44, ara rẹ̀ le, ẹsẹ̀ nìkan ló bàjẹ́. Bí mítà bá kọ OL, wáyà inú kóìlì ti já. Ẹ tún fi irin kan kan ẹsẹ̀, èkejì kan ara kóìlì: níbẹ̀, OL ni ẹ ń fẹ́. Bí nọ́ńbà bá jáde, iná ń jò sára irin tí ìkòkò ń jókòó lé. Ẹ sọ ọ́ nù.

Bí kóìlì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì bá dára, ó ku súwíìṣì. Bíréékà á ṣì wà ní pípa. Ẹ ya àwòrán àwọn wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ̀kankan. Nínú ọ̀pọ̀ sítóòfù, wọ́n kọ L1, L2, H1 àti H2 síbẹ̀. Ẹ yọ wáyà H1 àti H2, ẹ yí bọ́tìnnì sí HI, ẹ wọn L1 sí H1, lẹ́yìn náà L2 sí H2. Méjèèjì yẹ kó sún mọ́ 0. Bí ọ̀kan bá kọ OL, súwíìṣì ti kú. Àmì mìíràn tún wà tí kò nílò mítà: bí kóìlì bá ń pọ́n fòò ní LO bó ṣe ń pọ́n ní HI, súwíìṣì ti lẹ̀ mọ́ra.

Bí ilé háyà lẹ ń gbé, ẹ dúró lórí pípààrọ̀ àyè kóìlì, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí fún onílé. Bí sítóòfù bá jẹ́ tirẹ̀, òun ló sábà máa ń sanwó. Ẹni tó bá ni tirẹ̀, kí ó kọ nọ́ńbà sítóòfù sílẹ̀ kó tó lọ ra súwíìṣì, nítorí wọn kì í ṣe ìkan náà. Ẹ sábà máa rí i lára férémù ilẹ̀kùn ààrò, tàbí nígbà tí ẹ bá fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ jáde.