Ìdá mẹ́wàá ti kí ni? Ọ̀rọ̀ nípa àtẹ̀jíṣẹ́ tí a fi ń yáni lówó

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò àti gbogbo òkè Ọya, ọ̀rọ̀ owó ni mo bá wá lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí kẹ́ ẹ tó fèsì, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yá àwọn ará wa lówó, yálà ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni o, tàbí ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ṣe é.

Lọ́dún 2025, ìjà kan ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan láàrin wa, ó kù díẹ̀ kó tú ẹgbẹ́ ká. Kò sẹ́ni tó jalè níbẹ̀. Ẹni tó yáwó kò sá, kò sì sọ pé òun ò ní san. Àtẹ̀jíṣẹ́ kékeré kan tí ẹgbẹ́ fi ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ tó gba owó ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Ẹ kú oríire. A ti fọwọ́ sí ₦200,000 tí ẹ fẹ́ yá. Èlé 4% lóṣù, oṣù 5. Fọ́ọ̀mù 2%. Ẹ máa san lóṣooṣù. Ẹni tó bá pẹ́ yóò san ìtanràn 10%. Ọlọ́run á bùkún òwò yín."

Bí ẹ ṣe ń kà á yìí, ó dà bíi pé ó yé yín, àbí? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i.

Obìnrin tó gba owó náà ń ta aṣọ ní Sábó Gàrí. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ló gba owó. Ó san ₦48,000 loṣù kejì lọ́jọ́ tó yẹ. Ó tó oṣù kẹta, a ti wà nínú ààwẹ̀ Ramadánì. Ó ti kó owó ọwọ́ rẹ̀ lọ sí Kántìn Kwárì, ó fi ra aṣọ tí yóò tà fún ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń tajà níbí ló mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ààwẹ̀ ni oníbàárà aṣọ máa ń ya wọlé gan-an. Nígbà tí ọjọ́ 15 pé, aṣọ wà nínú ìsọ̀, owó ò sí lọ́wọ́. Ọjọ́ kọkànlélógún ló tó rí owó mú lọ. Ó pẹ́ ní ọjọ́ mẹ́fà.

Lọ́kàn tirẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ₦48,000 tó yẹ kó san ni ìtanràn rẹ̀, ìyẹn ₦4,800. Ó ti múra sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣírò ìdá mẹ́wàá lórí gbogbo gbèsè tó kù, ìyẹn ₦192,000 tó wà ní ilẹ̀ lẹ́yìn owó oṣù kejì. Ìtanràn di ₦19,200. Bí ẹlòmíì bá tún dìde tó ní ìdá mẹ́wàá nínú ₦200,000 tí wọ́n yá a ni, ₦20,000 nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí èyí tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà fi hàn pé irọ́ ni. Ibi tí àṣìṣe wà gan-an nìyẹn. Bí èèyàn bá kọ ìdá mẹ́wàá tí kò sọ pé ti kí ni, kò tíì sọ nǹkan kan.

Kò tán síbẹ̀. ₦48,000 tí obìnrin náà mú wá, akọ̀wé kọ́kọ́ yọ ìtanràn ₦19,200 nínú rẹ̀, ó wá kọ ₦28,800 tó kù sí owó oṣù kẹta. Nínú ìwé, owó oṣù kẹta ò pé. Obìnrin náà ò mọ̀. Ó dé lọ́jọ́ 15 oṣù kẹrin gẹ́lẹ́, ó san ₦48,000, inú rẹ̀ dùn pé òun ò pẹ́ mọ́. Àṣé lójú ìwé, ó ṣì wà nínú àìsan láti oṣù kẹta. Wọ́n tún gba ìdá mẹ́wàá lórí ₦163,200 tó kù, ó jẹ́ ₦16,320. Bí àpapọ̀ ìtanràn ṣe di ₦35,520 lórí ọjọ́ mẹ́fà nìyẹn.

Nígbà tó bi wọ́n pé èló ló kù, ó rò pé ₦96,000 ni, owó oṣù méjì. Wọ́n ní ₦131,520 ni. Ó figbe ta. Ó wá bá mi ní ìsọ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wò ó, àwọn ará ilé wa ló fẹ́ rẹ́ mi jẹ yìí?" Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn bà mí. A wà nílẹ̀ onílẹ̀, ara wa la ní. Bí a bá ń fura síra wa lórí owó, ta la fẹ́ sá bá?

Mo lọ bá àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́. Kí n má purọ́, èèyàn dáadáa ni wọ́n. Akọ̀wé ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó ọmọ ẹgbẹ́ ni. Bí ìtanràn ò bá ta èèyàn lára, kò sẹ́ni tó máa tètè san." Òótọ́ ni. Èmi ò sọ pé kí wọ́n má gba ìtanràn. Iye tí wọ́n fẹ́ gbà, àwọn ló ni í. Ohun tí mo sọ ni pé ìtanràn tí ẹni tó yáwó ò mọ iye rẹ̀ kò lè mú kó tètè san. Ká ní ó mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́fà máa ná òun ní ₦19,200, ó lè ta aṣọ méjì ní ẹ̀dínwó, ó lè yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ ti bọ ọ́ ló tó mọ̀.

Mo tún béèrè nípa èlé. "4% lóṣù" tí wọ́n kọ, lórí ₦200,000 ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ láti oṣù kìíní dé ìkarùn-ún, ₦8,000 lóṣooṣù, àpapọ̀ ₦40,000. Bẹ́ẹ̀, gbogbo oṣù lobìnrin yìí ń dá ₦40,000 padà nínú owó gangan. Nígbà tó bá fi máa di oṣù tó gbẹ̀yìn, ₦40,000 péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́, ₦8,000 náà ló sì ń san lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣírò lórí èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan, èlé náà á máa dín kù lóṣooṣù: ₦8,000, ₦6,400, ₦4,800, ₦3,200, ₦1,600. Ó jẹ́ ₦24,000. Ọ̀nà méjèèjì ni àwọn ayánilówó ń lò, "4% lóṣù" sì bá méjèèjì mu lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kí wọ́n fi iye owó kọ ọ́. Ẹni tó bá rí ₦40,000 lè pinnu bóyá òwò òun máa gbé e.

A jókòó ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú méjì. A fi owó obìnrin náà ṣe àpẹẹrẹ, a sì kọ ọ́ báyìí:

"₦200,000 ni ẹ yá. A yọ ₦4,000 owó fọ́ọ̀mù. ₦196,000 ni yóò wọ àkáǹtì yín ní Ọjọ́rú 15 oṣù kìíní 2025.
Èlé jẹ́ ₦8,000 lóṣù, ₦40,000 fún oṣù márùn-ún. Gbogbo ohun tí ẹ ó san padà jẹ́ ₦240,000.
Ẹ ó san ₦48,000 ní ọjọ́ márùn-ún yìí: Àbámẹ́ta 15 oṣù kejì, Àbámẹ́ta 15 oṣù kẹta, Ìṣẹ́gun 15 oṣù kẹrin, Ọjọ́bọ̀ 15 oṣù karùn-ún, Ajé 16 oṣù kẹfà (nítorí 15 bọ́ sí Àìkú).
Bí ẹ bá pẹ́, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ní ìtanràn. Láti ọjọ́ kẹrin, ₦200 lójúmọ́. Lórí owó oṣù kan, ìtanràn kò ní ju ₦4,800 lọ.
Owó tí ẹ bá mú wá, owó oṣù la ó kọ́kọ́ yọ nínú rẹ̀, ìtanràn ló kẹ́yìn.
Bí ẹ bá san gbogbo rẹ̀ tán ṣáájú ọjọ́, a kò ní gba èlé oṣù tí kò tíì bẹ̀rẹ̀.
Bí ẹ bá rí i pé owó ò ní pé, ẹ pè wá kí ọjọ́ tó dé."

Pẹ̀lú èyí, ọjọ́ mẹ́fà tí obìnrin náà fi pẹ́ jẹ́ ₦600. Ẹgbẹ́ tó bá rí i pé ó kéré lè kọ ₦1,000 lójúmọ́. Kí wọ́n ṣáà kọ ọ́, kí wọ́n sì kọ ibi tó máa dúró.

Akọ̀wé tún ní ó gùn jù, owó àtẹ̀jíṣẹ́ máa pọ̀. Ó mọ ohun tó ń sọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán máa ń gba lẹ́tà 160 lójú kan, ṣùgbọ́n bí àmì orí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀ ọ́, tàbí àmì náírà ₦ pàápàá, 70 ni yóò gbà, owó rẹ̀ á sì lé. Nítorí náà, orí Wasáàpù la ń fi ti gígùn ránṣẹ́ sí. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò ní Wasáàpù, a tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún un. Ẹni tí kò lè kàwé, akọ̀wé á fi ohùn ka ìkan náà sórí fóònù fún un, ṣùgbọ́n ìwé náà á ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ lè kà á lọ́jọ́ tí iyàn bá wà. Onídùúró náà ń gba ẹ̀dà tirẹ̀.

Kí a tó fi ránṣẹ́, a máa ń dán an wò. A fún ẹnì kan tí kò sí ní ìpàdé, a bi í léèrè: èló ló máa dé ọwọ́ rẹ? Ọjọ́ wo lo máa san, èló? Bí o bá pẹ́ ní ọjọ́ mẹ́fà ńkọ́? Bí ìdáhùn rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ìwé akọ̀wé, àtẹ̀jíṣẹ́ la máa tún ṣe. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, pàápàá sọ pé ìwé tí a bá fún oníbàárà gbọ́dọ̀ wà ní èdè tó máa tètè yé e.

Wọ́n fagi lé ìtanràn kejì fún obìnrin náà, wọ́n sì dín ti àkọ́kọ́ kù sí ₦4,800. Ó san gbèsè rẹ̀ tán loṣù kẹfà. Àmọ́ láti ìgbà náà, kò tíì padà wá yáwó lọ́wọ́ wa. Ó ń kí wa o, ṣùgbọ́n ó ń kí wa láti òkèèrè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yáni lówó, ẹ yẹ àtẹ̀jíṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ kẹ́yìn wò lónìí. Bí ẹ bá rí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí kò sọ pé ti kí ni, ẹ tún un kọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń yáwó, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gba owó. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.