Ìpè sí wẹ́bínà tí kò lówó nínú: ẹni tó bá fẹ́ kọ̀ ọ́, kó kọ iye owó rẹ̀ sínú lẹ́tà

Lẹ́tà náà sábà máa ń dùn ún kà. Ó máa ń yin ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí fún iṣẹ́ tó ń ṣe, ó máa ń dárúkọ àwọn èèyàn ńlá tó ti gbà láti sọ̀rọ̀, ó sì máa ń sọ pé ìṣẹ́jú 90 péré ni gbogbo rẹ̀ máa gbà lórí Zoom. Ohun kan ṣoṣo tí kì í sí nínú rẹ̀ ni owó.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gba àwọn tó ń ṣe gàrí àti ẹ̀lùbọ́ fún títà nímọ̀ràn, kí ọjà wọn lè yege nínú àyẹ̀wò. Kì í gba owó oṣù níbì kankan, ohun tí oníbàárà bá san ló ń jẹ. Àjọ kan tó ní ọ́fíìsì ní Yúróòpù, tó sì ní ẹ̀ka ní Gánà, pè é síbi ìjíròrò orí ayélujára lórí bí gàrí ṣe ń kọjá ẹnubodè láàárín Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó béèrè nípa owó, wọ́n ní kò sí, àmọ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn máa rí i, òkìkí rẹ̀ á sì kàn.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń dáhùn irú ìpè yìí. Àwọn kan á gbà, wọn á sì máa kùn nínú. Wọn ò ní múra sílẹ̀, wọn á pẹ́ wọlé, wọn á tún sọ ohun tí wọ́n sọ lọ́dún tó kọjá. Àwọn kejì á ní àyè ò sí. Èyí kejì yìí dà bí ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí, àmọ́ irọ́ ni, irọ́ náà kì í sì í dá wá. Ẹni tó kọ lẹ́tà lè dáhùn pé, “Kò burú, ọjọ́ wo ló máa rọ̀ yín lọ́rùn?” Irọ́ kejì ti di dandan nìyẹn. Ohun tó tún burú ni pé nínú ìwé àjọ náà, ohun tí wọ́n máa kọ sílẹ̀ ni pé ọjọ́ ò bá obìnrin yìí lára mu. Kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́ pé nítorí owó ni.

Ìdí tí ìyẹn fi ṣe pàtàkì wà nínú bí wọ́n ṣe ń náwó lórí irú ètò bẹ́ẹ̀. Kì í sábà jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ṣe é. Wọ́n ti san owó ìlò Zoom. Bí ìjíròrò náà bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, wọ́n á san owó fún ògbufọ̀, wọn kì í sì í pe ẹyọ kan, nítorí iṣẹ́ ògbufọ̀ àfẹnuṣe máa ń rẹni débi pé àwọn méjì ló ń gbà á fúnra wọn ní bí ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ẹni tó ya àwòrán ìpolówó gba tirẹ̀. Ẹni tó kọ lẹ́tà ìpè ń gba owó oṣù. Owó olùsọ̀rọ̀ nìkan ni kò sí, lọ́pọ̀ ìgbà kì í sì í ṣe ìkà ló fà á: nígbà tí wọ́n ń kọ ètò ìṣúná ránṣẹ́ sí onígbọ̀wọ́ ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, kò sẹ́ni tó fi ìlà kan sílẹ̀ fún un. Nígbà tí lẹ́tà ìpè bá fi máa jáde, òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ sí i ò lágbára láti kó owó láti ìlà kan sí òmíràn.

Ìdí nìyẹn tí ìjà lórí ètò tó ti wà nílẹ̀ kì í fi í sábà so èso. Èyí tó máa tẹ̀ lé e ni wọn ò tíì kọ ètò ìṣúná rẹ̀. Bí lẹ́tà kan bá wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ yẹn tó sọ ní kedere pé ẹni báyìí ò wá nítorí pé kò sówó, pé iye báyìí ló sì ń gbà, ó ní nǹkan tó lè fi han ọ̀gá rẹ̀. “Àyè ò sí” ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Kí obìnrin yìí tó lè kọ iye kan sílẹ̀, ó ní láti mọ ohun tí ìṣẹ́jú 90 náà jẹ́ gan-an. Ìpàdé ìmúrasílẹ̀ máa gba ìṣẹ́jú 45. Kíka ìwé àlàyé ètò àti dídáhùn àwọn ìbéèrè tí wọ́n fi ránṣẹ́ máa gba wákàtí kan. Síláìdì máa gba wákàtí mẹ́ta bí kò bá fẹ́ gbé ti àtijọ́ wá. Ìdánwò ohùn àti fídíò, ìṣẹ́jú 30. Ètò fúnra rẹ̀, ìṣẹ́jú 90. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó gbọ́ ọ á máa kọ ímeèlì béèrè ọ̀rọ̀, ká pe ìyẹn ní wákàtí kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́jọ ó dín ìṣẹ́jú 15. Ìyẹn odindi ọjọ́ iṣẹ́ kan, láìtíì ka dátà àti epo jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ pé ₦150,000 ló ń gbà lọ́jọ́ kan tó bá lọ sí ilé-iṣẹ́ oníbàárà, iye tó yẹ kó kọ nìyẹn. Kò nílò láti wádìí iye tí àwọn ẹlòmíràn ń gbà lágbàáyé.

Lẹ́tà náà ò sì gbọdọ̀ gùn. Irú èyí tó:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo dúpẹ́ pé ẹ rántí mi fún ìjíròrò yín lórí òwò gàrí. Mi ò ní lè kópa nínú rẹ̀, nítorí kò sí owó iṣẹ́ fún olùsọ̀rọ̀, irú ìmọ̀ràn yìí sì ni mo fi ń jẹun.

“Fún ètò tí ẹ bá ń gbèrò lẹ́yìn èyí, ₦150,000 ni mò ń gbà fún ìjíròrò orí ayélujára tí kò ju ìṣẹ́jú 90 lọ. Ìpàdé ìmúrasílẹ̀ kan àti síláìdì tí kò ju mẹ́wàá lọ wà nínú rẹ̀. Mo máa ń gba ìdajì nígbà tí a bá ti fẹnu kò, ìyókù láàárín ọjọ́ 14 lẹ́yìn ètò. Bí ẹ bá fẹ́ kí fídíò rẹ̀ wà lórí ayélujára ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí kí ẹ tà á, a ó sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn lọ́tọ̀. Iye yìí dúró títí di ìparí oṣù Kejìlá.

“Ní ti èyí tó wà nílẹ̀, ẹ lè wo àwọn olùkọ́ yunifásítì tó jẹ́ pé irú ìjíròrò báyìí wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń gba owó oṣù fún.”

Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, kò sí ẹ̀gàn. Ọ̀rọ̀ fídíò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Wẹ́bínà máa ń parí lọ́jọ́ kan, àmọ́ ẹni tó ní fídíò rẹ̀ lè máa fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn lọ́dún márùn-ún, kó sì máa gbowó lórí rẹ̀.

Ọjọ́ tí iye owó máa parí náà kì í ṣe àṣejù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan ò tó ₦480 ní ọjà ìjọba. Nígbà tí ọdún kan fi máa pé, ó ti kọjá ₦1,400. Ẹni tó fi náírà dá iye owó fún àjọ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, tí wọn ò sì tètè san án, mọ ohun tójú rẹ̀ rí. Fún irú àjọ bẹ́ẹ̀, dọ́là tàbí yúrò ló dáa kó wà nínú lẹ́tà. Ẹni tó wà ní Kùtọ́nù ò ní ìbẹ̀rù yẹn tó bẹ́ẹ̀, nítorí iye kan náà, 655.957, ni yúrò kan jẹ́ sí owó sẹ́fà láti ọdún 1999. Àmọ́ òun àti ará Ìbàdàn ló ní láti wo owó tí báńkì ń yọ lójú ọ̀nà. Lórí fọ́ọ̀mù ìfowóránṣẹ́, bí àjọ bá mú `OUR`, àwọn ló máa san gbogbo ẹ̀. Bí wọ́n bá mú `SHA`, ẹni tó ń gba owó máa san lára rẹ̀, iye tó máa wọlé á sì dín sí ti inú lẹ́tà.

Ohun tó ń ṣòro jù nílẹ̀ wa kì í ṣe lẹ́tà yìí rárá. Ohun tó ṣòro ni pé ìpè náà sábà máa ń gba ọwọ́ àgbà kan wá. Ẹ̀gbọ́n kan tó kọ́ni níṣẹ́, tàbí olùkọ́ àtijọ́, ló fi orúkọ ẹni sílẹ̀, òun náà ló sì fi WhatsApp sọ pé, “Mo ti sọ fún wọn pé wàá ṣe é.” Bí lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ bá lọ bá àjọ kí ẹ̀gbọ́n tó gbọ́, ìtìjú ni fún un, ẹjọ́ míì sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìpè orí fóònù ló yẹ kó ṣáájú: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an tí ẹ dárúkọ mi, mi ò lè gbàgbé. Wọ́n ní kò sówó níbẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ni mo fi ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Mo fẹ́ kọ̀wé sí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí n sọ iye tí mò ń gbà fún ìgbà míì. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún yín ni.” Ọ̀pọ̀ àgbà á gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á bínú. Bí gbèsè oore bá wà láàárín àwọn méjèèjì, ó lè jẹ́ pé ó sàn kó lọ, kó sì mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n lòun ń ṣe é fún, kì í ṣe àjọ.

Àwọn ètò mìíràn wà tí kò yẹ kẹ́nì kan dá owó lé. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní kọ́bọ̀, ẹgbẹ́ àwọn tó ń dín gàrí ní abúlé ẹni, níbi tí atọ́kùn àti gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní láti béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì rẹ̀ kó tó dárúkọ owó rárá. Ìbéèrè kan ló máa ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, kò sì sí àrífín nínú ká bi wọ́n léèrè: ta ni wọ́n ń san owó fún nínú ètò yìí?

Òótọ́ ni pé ẹlòmíràn máa gba àyè náà. Ó ṣeé ṣe kí àjọ náà má tún kọ̀wé mọ́. “A ti rí lẹ́tà yín, a máa fi pa mọ́” kì í sábà túmọ̀ sí nǹkan kan. Ohun tó ń fi hàn pé wọ́n ń ronú lórí rẹ̀ ni ìbéèrè tó bá tẹ̀ lé e: bóyá wọ́n béèrè nọ́ńbà owó orí rẹ̀, tàbí bóyá ó lè dín iye náà kù. Bí wọ́n bá ní ₦80,000 làwọn ní fún èyí tó ń bọ̀, kó má ṣe dín owó nìkan. Kó yọ síláìdì kúrò, kó yọ ìpàdé ìmúrasílẹ̀ kúrò, kó ní ìṣẹ́jú 45 lòun máa lò, kó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn bẹ́ẹ̀.