Bísí Ni Orúkọ Náà: Ṣé Ọkùnrin Ni Tàbí Obìnrin?

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò nínú oṣù yìí. Bí ìwé kan bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, tí ẹni tí ó kọ ọ́ kò sì fi nǹkan mìíràn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ju "Bísí" lọ, báwo ni ẹ ó ṣe dá a lóhùn? Ṣé "Ọ̀gbẹ́ni" ni ẹ ó kọ ni, tàbí "Ìyáàfin"? Púpọ̀ nínú wa ni yóò kọ "Ìyáàfin" láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni Olóyè Ọlábísí Ọnàbánjọ tí ó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn láti 1979 sí 1983, tí a sì fi orúkọ rẹ̀ pe yunifásítì tí ó wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Ọkùnrin ni Olóyè Bísí Àkàndé tí ó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa yìí láti 1999 sí 2003. Bẹ́ẹ̀ náà ni Bùkọ́lá Sàràkí, tí ó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láti 2015 sí 2019. Ní ti Yẹmí, ọkùnrin ni Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò tí ó ṣe igbákejì ààrẹ, obìnrin sì ni Yẹmí Àládé olórin.

Kì í ṣe pé àwọn òbí wọn ṣi orúkọ sọ. Bí a ti ń sọ orúkọ nílẹ̀ wa gan-an nìyẹn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ dé, tàbí ohun tí ìdílé ń yangàn rẹ̀, tàbí ohun tí òbí ń dúpẹ́ fún, ni orúkọ Yorùbá máa ń sọ. Abíọ́nà ni ọmọ tí a bí sí ojú ọ̀nà. Abíọ́dún ni èyí tí a bí ní àkókò ọdún. Ìgè ni èyí tí ó fi ẹsẹ̀ jáde, Dàda sì ni èyí tí irun rẹ̀ ta kókó láti ọ̀run wá. Ìdòwú ni ó tẹ̀lé ìbejì, Àlàbá sì tẹ̀lé Ìdòwú. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ọkùnrin kò lè jẹ́, kò sì sí ọ̀kan tí obìnrin kò lè jẹ́. Ọ̀nà àti ọdún kò bèèrè bóyá akọ tàbí abo ni ọmọ tí ó bọ́ sí àárín wọn.

Nígbà àtijọ́, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ gan-an ni ó máa ń sọ ohun tí orúkọ kò sọ. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń kó ọmọkùnrin jáde, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ọjọ́ ti mọ irú ọmọ tí ó dé. Lóde òní, ọjọ́ kẹjọ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń lò fún gbogbo ọmọ, nítorí náà àmì yẹn ti parẹ́.

Àwọn orúkọ kan wà ṣá tí wọ́n ń fi ọkùnrin hàn yàtọ̀ sí obìnrin, kí ẹ sì mọ̀ wọ́n. Èyí tí ó dájú jù lọ ni oríkì. Àjàní, Àkànní, Àlàbí, Àyìndé àti Àlàó, ti ọkùnrin ni wọ́n. Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́, Àdùkẹ́, Àbẹ̀ní àti Àmọ̀kẹ́, ti obìnrin ni. Bí ẹ bá tẹ́tí sí i dáadáa, ẹ ó rí i pé ti obìnrin kún fún bíbẹ̀ àti kíkẹ́, nígbà tí púpọ̀ nínú ti ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ ìjà àti akitiyan. Àlùfáà Samuel Johnson ti ṣàkíyèsí èyí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Lẹ́yìn oríkì, Babátúndé wà fún ọkùnrin, Yétúndé àti Ìyábọ̀ sì wà fún obìnrin, nítorí pé bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà ni a gbà pé ó padà wá. Bákan náà, bí ọmọ bá gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, Òjó ni a sábà máa ń pe ọkùnrin, a sì ń pe obìnrin ní Àìná.

Orúkọ tí ó bá parí sí "kẹ́," bí i Fọlákẹ́ tàbí Mọ́rónkẹ́, obìnrin ni ó sábà máa ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí bẹ́ẹ̀ mú Kẹ́hìndé mọ́ wọn. Kẹ́hìndé kò sí lára wọn rárá: ẹni tí ó kẹ́yìn dé ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Àárín ìwọ̀nyí ni àwọn orúkọ tí àṣà ti fà sí apá kan wà. Fúnmiláyọ̀, Bùkọ́lá, Tóyìn àti Bísí, etí wa ti gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bí orúkọ obìnrin, nígbà tí Káyọ̀dé àti Fẹ́mi dún bí ti ọkùnrin. Àṣà ni èyí, kì í ṣe òfin, ìtumọ̀ orúkọ náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tóyìn Fálọlá, òpìtàn tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, ọkùnrin ni. Ibi tí a ti máa ń ṣìnà gan-an nìyí, nítorí pé a kì í bèèrè ìbéèrè nípa ohun tí a rò pé a ti mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi ìdílé kan ní Ìrẹ̀mọ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìyàwó ilé bí ìbejì, obìnrin ni ó kọ́kọ́ jáde, ọkùnrin sì tẹ̀lé e. Táíwò ni obìnrin, Kẹ́hìndé ni ọkùnrin. Bàbá wọn fi Olúwatóyìn kún ti Táíwò, ó sì fi Olúwabùkọ́lá kún ti Kẹ́hìndé. Títí di ìgbà tí a fi parí ìsọmọlórúkọ, kò sí ìṣòro kankan, nítorí pé gbogbo ilé mọ ọmọ wọn, èdè wa kò sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Ó ti jí," "ó ń sunkún," "ẹ gbé e fún mi": "ó" àti "e" kan náà ni a ń lò fún àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ tí a bá lọ gba ìwé ẹ̀rí ìbí ni ìṣòro lè bẹ̀rẹ̀. Òfin ọdún 1992 ní kí òbí fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ láàrin 60 ọjọ́ lọ́dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn. Akọ̀wé bèèrè orúkọ, bàbá sọ ọ́, akọ̀wé sì fa ìlà sí ibi tí ó rò pé ó tọ́. Ó gbọ́ Bùkọ́lá, ó kọ "obìnrin." Bàbá gba ìwé, ó wo orúkọ àti ọjọ́ ìbí, ó rí i pé wọ́n péye, ó sì ká ìwé sápò. Láti inú ìwé yìí ni ilé ẹ̀kọ́ yóò ti kọ tirẹ̀, láti inú ti ilé ẹ̀kọ́ ni ìwé ìdánwò àṣejáde yóò ti jáde, ọmọkùnrin yóò sì di obìnrin nínú gbogbo wọn. Ó lè tó ọdún mẹ́rìndínlógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Nígbà náà, ó di ìbúra ní kóòtù àti ìrìn àjò láti ọ́fíìsì kan dé èkejì, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wọlé sí yunifásítì.

Ìwòsàn àìsàn yìí kò nira bí a bá tètè mú un. Ẹ má ṣe dúró kí akọ̀wé bi yín. Bí ẹ bá ti pe orúkọ, ẹ fi kún un lójú ẹsẹ̀: "Ọkùnrin ni Kẹ́hìndé, obìnrin ni Táíwò." Kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀, ẹ wo ibi tí a kọ akọ tàbí abo sí kí ẹ tó wo orúkọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àti fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ ohun tí yóò máa sọ̀rọ̀ fún ọmọ nígbà tí ẹ kò sí níbẹ̀, ẹ fi oríkì rẹ̀ ṣe orúkọ kẹta. Kẹ́hìndé Olúwabùkọ́lá Àjàní kò lè rú ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ Yorùbá lójú.

Ní ti bí a ṣe ń pe àwọn ẹlòmíràn, èdè wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ ìwé kan jáde ní 1997, ó sì tọ́ka sí i níbẹ̀ pé ọjọ́ orí ni Yorùbá máa ń wò kí ó tó wo akọ tàbí abo. Òótọ́ ni. "Ẹ̀gbọ́n," "àbúrò," "ọmọ," "ọba," "olóyè," kò sí èyí tí ó sọ pé ọkùnrin ni. Ẹ̀yin ìyàwó ilé sì mọ̀ ọ́n jù lọ, nítorí pé "ọkọ" ni ẹ ń pe àbúrò ọkọ yín lóbìnrin bí ẹ ti ń pe tọkùnrin. Níhìn-ín ní Ifẹ̀, ìtàn sọ fún wa pé obìnrin ni Ọ̀ọ̀ni Lúwo, ẹni tí ó ní kí a fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà ìlú. Ẹni tí ó bá ka orúkọ àwọn Ọ̀ọ̀ni tẹ̀ léra wọn kò ní rí ohunkóhun nínú orúkọ Lúwo tàbí nínú oyè rẹ̀ tí yóò sọ èyí fún un.

"Ọ̀gbẹ́ni," "Ìyáàfin," "Omidan," "Arákùnrin" àti "Arábìnrin" ni ó ń fi ipá mú wa yan ọ̀kan. Bí ẹ kò bá mọ ẹni náà rí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bí ó bá ní oyè iṣẹ́, ẹ lò ó: Dókítà, Ọ̀jọ̀gbọ́n, Olóyè. Bí kò bá ní, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, bí i "Sí Bísí Adéṣínà," kí ẹ sì máa lo "ẹ" àti "yín" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìwé. Ọ̀wọ̀ tí ó wà nínú "ẹ" tó fún ọkùnrin, ó sì tó fún obìnrin. Lórí fóònù, ẹ má ṣe fi ohùn ṣe atọ́nà, nítorí pé ohùn ọkùnrin mìíràn tinrín, ti obìnrin mìíràn sì nípọn. Ẹ bèèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n máa pè yín?" Ẹni tí a bi bẹ́ẹ̀ kì í bínú. Ẹni tí a pè ní "Mà" nígbà tí ó jẹ́ bàbá ọmọ mẹ́rin ni ó máa ń bínú.

Kìkì ohun kan ni ó kù tí ẹ ní láti ṣọ́ra fún. "Ẹ̀gbọ́n" kò béèrè akọ tàbí abo, ṣùgbọ́n ó ń béèrè ọjọ́ orí. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tí ó dàgbà jù, ẹ pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí ẹ bá sì jù lọ yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ fún yín pé àbúrò yín ni òun.

Ó di oṣù tí ń bọ̀.