Iye Tí Wọ́n Kọ Sára Ẹ̀rọ Amúlétutù Kọ́ Ni Iye Tí Yóò Ná Yín

Nínú oṣù kẹta ọdún yìí, nígbà tí ooru ń mú bí ẹni wà nídìí ààrò, àbúrò mi kan tó ń gbé n'Ìbàdàn ra ẹ̀rọ amúlétutù oní-họ́ọ̀sì kan ní N350,000. Ó pè mí tayọ̀tayọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó fáànù méje péré ni mo fi bọ́ lọ́wọ́ ooru." Oṣù kan lẹ́yìn náà, ó tún pè, ó ní mítà ilé òun ń jí owó òun. Mítà kò jalè. Àbúrò mi ni kò ṣírò.

Họ́ọ̀sì tí àwọn ọlọ́jà ń pè yìí kì í ṣe iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ. Bí agbára rẹ̀ láti mú yàrá tutù ṣe tó ni wọ́n fi ń júwe. Iye iná tó ń jẹ wà lára ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ "Rated Input" sí. Ti àbúrò mi jẹ́ 900 wáàtì, fáànù onídùúró rẹ̀ sì jẹ́ 60. Ẹ fi wákàtí tí ẹ ń lò ó sọ wáàtì náà di púpọ̀, kí ẹ sì pín in sí 1,000, yúníìtì tí mítà yóò yọ nìyẹn. Fún wákàtí mẹ́jọ lóru, fáànù yóò jẹ 0.48 yúníìtì. Ẹ̀rọ amúlétutù yóò jẹ 7.2, bí kò bá sinmi rárá.

Ibi "bí kò bá sinmi" yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó wà níta ló ń jẹ iná jù, ó sì yẹ kó máa dúró bí yàrá bá ti tutù dé ìwọ̀n tí a fẹ́. Àbúrò mi ti gbé tirẹ̀ sí 16, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ń gba àárín gíláàsì fèrèsé wọlé. Mo dúró sẹ́yìn ilé fún wákàtí kan, n kò gbọ́ kí ẹ̀rọ náà dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan. A dí àlàfo fèrèsé, a fọ asẹ́ inú ẹ̀rọ, a sì gbé e sí 25. Lẹ́yìn náà la wá yẹ mítà wò. A pa gbogbo nǹkan àyàfi fìríìjì, a kọ yúníìtì tó kù sílẹ̀ ká tó sùn, a sì tún kọ ọ́ nígbà tí a jí. Lóru tí amúlétutù ṣiṣẹ́, 5.4 ló lọ. Lóru kejì tó jẹ́ ti fáànù, 1.1. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 4.3. Bí a bá fi 0.48 ti fáànù kún un, amúlétutù ń jẹ bíi 4.8 lóru, ìyẹn ìdá méjì nínú mẹ́ta 7.2. (Èyí tí wọ́n ń pè ní ínfátà kì í dúró, ṣe ló ń rọra ṣiṣẹ́. Mítà nìkan ló lè sọ tirẹ̀.)

Báńdì A ni àdúgbò rẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún. Ní oṣù kẹrin 2024, owó yúníìtì wọn fò láti nǹkan bíi N68 sí N225, kó tó sọ̀ díẹ̀. N209.50 ló wà lára rìsíìtì tí àbúrò mi fi hàn mí. Bí a bá fi owó-orí ọjà 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún kún un, N225 náà ló padà dà.

Nítorí náà, bó bá ń lò ó lálaalẹ́ fún ọdún kan, fáànù yóò jẹ iná N39,420. Amúlétutù yóò jẹ N394,200, ó ju iye tó rà á lọ. Láàárín ọdún márùn-ún, iná nìkan di N1,971,000. Ẹ fi owó ọjà kún un, N50,000 tó fi dè é mọ́ ògiri, àti N30,000 tí oníṣẹ́ yóò máa gbà lọ́dọọdún láti tún un ṣe. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ N2,521,000. Ká tilẹ̀ ní fáànù bàjẹ́ tó sì ra òmíràn ní N50,000, gbogbo tirẹ̀ kò ju N297,100 lọ. Iye tí wọ́n kọ sára amúlétutù nínú ṣọ́ọ̀bù kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú méje ohun tí yóò ná olówó rẹ̀. Lójú tèmi, ó yẹ kí ọlọ́jà máa kọ yúníìtì ọdún kan sí ẹ̀gbẹ́ iye owó, kí oníbàárà rí méjèèjì pa pọ̀.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra amúlétutù o. Fáànù kì í mú afẹ́fẹ́ tutù, ó kàn ń fẹ́ ẹ sí òógùn ara wa ni. Lóru oṣù kẹta, tí afẹ́fẹ́ inú yàrá fúnra rẹ̀ bá ti gbóná, ìyá arúgbó àti ọmọ ọwọ́ lè má rí ìtura kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù kẹta kọ́ ni gbogbo ọdún. Àbúrò mi ti pinnu báyìí pé 90 òru tí ooru mú jù lọ lòun yóò máa tan amúlétutù, kí fáànù gba 275 tó kù. Owó iná méjèèjì lọ́dún yóò jẹ́ N126,900.